Títo Gbólóhùn Tí Wọ́n Dà Rú: Ìbéèrè Tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́ Máa Ń Bi Mí, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àkúrẹ́, Yorùbá sì ni iṣẹ́ mi. Nínú gbogbo ohun tí a ń ṣe, títo gbólóhùn tí wọ́n dà rú ló máa ń fa ìbéèrè jù. Mo kó èyí tí wọ́n ń bi mí léraléra jọ síbí, àti ti àwọn òbí tó máa ń dúró de ọmọ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ni wọ́n ń fẹ́ ká ṣe gan-an?

Wọ́n á mú ìpínrọ̀ kan tó gún régé, wọ́n á já a sí gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á da ipò wọn rú, wọ́n á sì fi lẹ́tà sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tìrẹ ni kó o dá wọn padà sí bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe tò wọ́n. Wọn kò ní kó o tún gbólóhùn kankan kọ, wọn kò sì bi ọ́ ní èrò rẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá o mọ bí gbólóhùn kan ṣe ń di ọwọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ mú.

Gbólóhùn wo ló máa ń ṣáájú?

Èyí tí kò gbára lé ẹnikẹ́ni. Ó máa ń dárúkọ ẹni tàbí nǹkan tí wọ́n ń sọ ní ẹ̀kún-ún-rẹ́rẹ́, kì í sì í ní "náà", "yìí", "wọ̀nyí", "rẹ̀" tàbí "bẹ́ẹ̀" tó ń tọ́ka sí ohun tí a kò tíì rí. Bí o bá ka gbólóhùn kan, tó wá ń ṣe ọ́ bíi kó o béèrè pé "ta ni?" tàbí "èwo ni?", má fi ṣáájú. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ bọ̀ rárá ló yẹ kó lè ka gbólóhùn àkọ́kọ́, kó sì yé e.

Àwọn kan ti kọ́ wọn pé èyí tó gùn jù, tàbí èyí tó ní ọdún nínú, ló ń ṣáájú. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Kí ló dé tí ẹ fi máa ń sọ pé ká má kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ àsopọ̀?

Nítorí pé ọ̀rọ̀ àsopọ̀ máa ń sọ irú ìbátan tó wà láàárín gbólóhùn méjì, àmọ́ kì í sọ gbólóhùn tó ń bá tan. "Lẹ́yìn èyí" lè tẹ̀ lé ohunkóhun láyé yìí. "Ṣùgbọ́n" náà lè ta ko ohunkóhun. Orúkọ tó gbé "náà" tàbí "wọ̀nyí" dání kò rí bẹ́ẹ̀: bó bá ní "èso náà", a jẹ́ pé wọ́n ti dárúkọ èso níbì kan ṣáájú, o kàn máa wá ibẹ̀ rí ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan tí mo ṣe fún kíláàsì wò ó. Kòkó ni mo fi ṣe é, torí pé kò sí ọmọ Oǹdó tí kò mọ ẹni tó ń dá oko kòkó.

A. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà náà, wọn óò sá wọn sórí ẹní títí wọn óò fi gbẹ.

B. Lẹ́yìn èyí, wọn óò fọ́ èso náà, wọn óò sì yọ hóró inú rẹ̀.

D. Èyí tí kò bá gbẹ dénú lára wọn máa ń bu nínú àpò, ẹni tó ń ra kòkó kò sì ní san owó gidi lé e.

E. Àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń kọ́kọ́ já èso tó ti pọ́n kúrò lórí igi.

Ẹ. Wọn óò wá kó hóró wọ̀nyí jọ, wọn óò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́fà.

Ẹni tó bá ń lé ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kiri yóò rí "lẹ́yìn" ní A àti ní B, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ẹ lọ wá àwọn orúkọ tó ní atọ́ka lẹ́yìn. B sọ pé "èso náà". Níbo ni èso ti kọ́kọ́ jáde? E ni, "èso tó ti pọ́n". Nítorí náà, B wà lẹ́yìn E. Gbólóhùn Ẹ sọ pé "hóró wọ̀nyí". B ló yọ hóró, torí náà Ẹ wà lẹ́yìn B. Gbólóhùn A sọ pé "ọjọ́ mẹ́fà náà", Ẹ ló sì ka ọjọ́ mẹ́fà. Ó ku D, tó ní "èyí tí kò bá gbẹ dénú lára wọn". A kò lè sọ̀rọ̀ nípa èyí tí kò gbẹ nígbà tí a kò tíì sá nǹkan kan, nítorí náà A ló ṣáájú rẹ̀. Ó di E, B, Ẹ, A, D.

Ẹ wò ó pé a kò tíì fi "lẹ́yìn" ṣe nǹkan kan títí a fi parí. Ìgbà tí a tò ó tán ni a padà lọ wò ó bóyá ó bá ibi tí a fi í sí mu, ó sì bá a mu. Bí mo ṣe ń lo ọ̀rọ̀ àsopọ̀ nìyẹn: ẹlẹ́rìí kejì ni, kì í ṣe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́.

Bí ọmọ kan bá fi A ṣáájú Ẹ, ẹ ní kó kà á sókè. "Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà náà." Ọjọ́ mẹ́fà wo? Kò sí bí etí kò ṣe ní gbọ́ ọ.

Ẹ ní "náà" ń tọ́ka sẹ́yìn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí nígbà gbogbo?

Ó ń tọ́ka sẹ́yìn ní tòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ibẹ̀ sì ni ó ti ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Bí mo bá ní "ọkùnrin náà wọlé", ọkùnrin tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Bí mo bá ní "àwọn ará Oǹdó náà ń ta kòkó", o lè kà á sí pé àwọn ará Oǹdó tí a ti mẹ́nu bà ni, o sì lè kà á sí pé àwọn ará Oǹdó pẹ̀lú ń tà á, bí àwọn mìíràn ti ń tà á.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí ohun tí o máa wá rí ṣáájú rẹ̀ kò jọra. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, gbólóhùn tó ti dárúkọ àwọn ará Oǹdó lo ń wá. Bó bá jẹ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, gbólóhùn tó sọ pé àwọn mìíràn ń ta kòkó lo ń wá, bóyá àwọn ará Ìdànrè, ó sì lè jẹ́ pé ibi yẹn ni Oǹdó ti kọ́kọ́ jáde. Dán méjèèjì wò. Èyí tó bá rí alábàáṣe nínú àwọn gbólóhùn tó kù ni òótọ́.

Méjèèjì jọ fi ohun kan hàn wá: gbólóhùn tó ní "náà" báyìí kò lè jẹ́ àkọ́kọ́.

"Ó" àti "wọ́n" ńkọ́? Ṣé gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn kò lè ṣáájú láéláé?

Ó lè ṣáájú. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má há a sórí bí òfin.

"Ó" kan wà tó ń rọ́pò orúkọ, òmíràn sì wà tí kò rọ́pò nǹkan kan. "Ó gun òkè náà" ń tọ́ka sí ẹnì kan. "Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń gun Òkè Ìdànrè" kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ipò ni "ó" yẹn kàn dì mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó yẹ kí", "ó dà bíi pé", àti "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé". Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni kó o béèrè "ta ni ó pẹ́?" tàbí "kí ni ó yẹ?". Bí ìbéèrè náà bá dún bí àwàdà, "ó" tí kò tọ́ka sí nǹkan kan nìyẹn, gbólóhùn rẹ̀ sì lè ṣí ìpínrọ̀.

Ti "wọ́n" tún le jù, torí ojú mẹ́ta ló ní. Ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tàbí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ó lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ó sì lè má jẹ́ ẹnikẹ́ni pàtó, bí ìgbà tí a bá ní "wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976". Ti ìkẹta yìí lè ṣáájú. Àwọn méjì tó kù ní láti rí olówó wọn nínú gbólóhùn tó ṣáájú.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

A. Wọ́n jáde sí gbangba ààfin, wọ́n sì juwọ́ sí àwọn èèyàn.

B. Àwọn onílù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ààfin láti àárọ̀.

D. Bí wọ́n ṣe rí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lùlù.

E. Nígbà tó di ọ̀sán, Kábíyèsí múra tán.

Kò ṣòro láti mọ̀ pé B ló ṣáájú. Àmọ́ ta ni "wọ́n" inú A? Ọmọ tó bá rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn nìkan ni "wọ́n" lè jẹ́ yóò mú A lé B, yóò ní àwọn onílù ló jáde. Ṣùgbọ́n B ti sọ pé ẹnu ọ̀nà ni àwọn onílù dúró sí láti àárọ̀; wọn kò sí nínú ilé tí wọn óò ti jáde. Kábíyèsí ni, ọ̀wọ̀ ló sì mú "wọ́n" wá. Nítorí náà E ló wà ṣáájú A. Nínú D, "wọ́n" àkọ́kọ́ ni àwọn onílù, "wọn" tó tẹ̀ lé e ni Kábíyèsí, àwọn onílù ló sì tún lùlù. B, E, A, D.

Nígbàkígbà tí ọba, ìyálọ́jà, bàbá tàbí olùkọ́ bá wà nínú ìpínrọ̀, ẹ ṣọ́ "wọ́n" dáadáa.

Ọmọ mi ní ti Òyìnbó rọrùn ju ti Yorùbá lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Níbi arọ́pò-orúkọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Èdè Òyìnbó ní ọ̀tọ̀ fún ọkùnrin, ọ̀tọ̀ fún obìnrin, ọ̀tọ̀ fún nǹkan tí kì í ṣe èèyàn. Bí Bọ́lá bá jẹ́ obìnrin, tí Délé sì jẹ́ ọkùnrin, arọ́pò-orúkọ nìkan ti tó láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀. "Ó" tiwa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, kò tilẹ̀ mọ èèyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Ìṣe tí gbólóhùn ń sọ ni a óò wò: ta ló lè ṣe é, ta ló wà níbi tí wọ́n ti ṣe é?

Ṣùgbọ́n Yorùbá ní irinṣẹ́ kan tí Òyìnbó kò ní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í rántí lò ó. "Òun" ni. "Táyọ̀ ní òun ti dé Oǹdó": Táyọ̀ fúnra rẹ̀ ló dé. "Táyọ̀ ní ó ti dé Oǹdó": ẹlòmíràn ló dé, Táyọ̀ kàn ń ròyìn ni. Nítorí náà, bí o bá rí "Táyọ̀ ní ó ti dé Oǹdó" nínú gbólóhùn tí wọ́n dà rú, mọ̀ pé ẹnì kejì kan ti ní láti jáde ṣáájú. Wá gbólóhùn tó dárúkọ rẹ̀, kó o fi síwájú. Bó bá jẹ́ "òun", kò sí ẹni tí o ń wá.

Ibo gan-an ni ká ti máa wá ọ̀rọ̀ àsopọ̀?

Kì í ṣe iwájú gbólóhùn nìkan. Ọ̀pọ̀ máa ń wo ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, bí wọn kò bá rí "ṣùgbọ́n" tàbí "nítorí náà", wọ́n á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀yìn olùwà ni púpọ̀ nínú tiwa máa ń fara pamọ́ sí: "sì", "tún", "wá", "ṣì", "pàápàá". "Òjò sì bẹ̀rẹ̀" ti sọ fún ọ pé nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú òjò. "Ó tún ra iṣu" fi hàn pé ó ti ra nǹkan kan tẹ́lẹ̀, tàbí pé ó ti ra iṣu rí. Nínú àpẹẹrẹ kòkó, "wá" inú "wọn óò wá kó hóró wọ̀nyí jọ" jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kékeré ni wọ́n, mo máa ń ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù fà wọ́n nídìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò.

Ohun kan kù. Ẹ má ṣe da "nítorí náà" pọ̀ mọ́ "nítorí pé". "Nítorí náà" ń mú àbájáde wá, ìdí rẹ̀ sì ní láti wà nínú gbólóhùn tó ṣáájú. "Nítorí pé" máa ń gbé ìdí tirẹ̀ dání: "Nítorí pé ọ̀nà ti bàjẹ́, awakọ̀ padà sí Oǹdó." Ìyẹn lè ṣí ìpínrọ̀, kò gbára lé ẹnikẹ́ni.

Bí ọdún bá wà nínú gbólóhùn, ṣé a kò kàn lè tò ó láti ọdún tó kéré sí èyí tó pọ̀?

Ó máa ń ṣiṣẹ́, títí di ìgbà tí kò bá ṣiṣẹ́. Ẹ gbìyànjú eléyìí wò:

A. Ní ọdún 1996, wọ́n gé apá kan lára rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

B. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976.

D. Síbẹ̀, Àkúrẹ́ ṣì ni olú-ìlú apá tó ṣẹ́kù.

E. Kó tó di ìgbà yẹn, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ilẹ̀ náà wà.

Ẹ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, Adékúnlé Ajásin di gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú nínú ìtàn ni E, torí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ti wà kí Oǹdó tó wà. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ tó mọ ìtàn dáadáa fi máa ń kọ́kọ́ kọ E sílẹ̀. Ìmọ̀ wọn ló ṣì wọ́n lọ́nà. "Ìgbà yẹn" wo ni? "Ilẹ̀ náà" wo ni? B ló ní ìdáhùn méjèèjì. Òǹkọ̀wé máa ń sọ ohun kan, kó padà sẹ́yìn díẹ̀, kó tó tẹ̀ síwájú. "Kó tó di ìgbà yẹn", "tẹ́lẹ̀ rí" àti "ṣáájú èyí" ni àmì rẹ̀. Bí E ṣe lẹ̀ mọ́ B nìyẹn.

Ṣé E lè tẹ̀ lé A, kí "ìgbà yẹn" jẹ́ 1996? Etí lè gbà á, àmọ́ òtítọ́ kò gbà á, torí láàárín 1976 sí 1996, abẹ́ Oǹdó ni ilẹ̀ Èkìtì wà. Ẹ ni ó tẹ̀ lé E, torí 1979 ni Ajásin gbàjọba. Lẹ́yìn náà ni A. D ní "síbẹ̀", àti "apá tó ṣẹ́kù". Nǹkan kì í ṣẹ́kù bí a kò bá tíì gé e. B, E, Ẹ, A, D.

Bí wọ́n bá fún wa ní ìdáhùn mẹ́rin ká mú ọ̀kan, ṣé ká ṣì to gbogbo rẹ̀ ni?

Rárá. Wá gbólóhùn méjì tó dá ọ lójú pé wọn kò lè yà. Nínú ti kòkó, B àti Ẹ ni, nítorí "hóró wọ̀nyí". Wá wo àwọn ìdáhùn: èyíkéyìí tí Ẹ kò bá tẹ̀ lé B tààrà, fagi lé e. Ó ṣeé ṣe kó ku méjì péré, kó o wá fi èyí tó ṣáájú mú ọ̀kan. Ẹ má kọ́kọ́ ka ìdáhùn o. Bí o bá ti ka ọ̀kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún dáadáa létí rẹ, ọkàn rẹ yóò sì máa wá ìdí láti gbà á.

Bí ọ̀nà méjì bá jọ tọ̀nà lójú mi ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá níbi tí gbólóhùn méjì bá jẹ́ àpẹẹrẹ ohun kan náà, tí ọ̀kan kò sì di èkejì mú. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀kan ní "bákan náà", "tún" tàbí "yàtọ̀ sí èyí". Ẹ̀yìn ni yóò wà. Bí kò bá sí, wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé àwọn méjèèjì: èwo ni arọ́pò-orúkọ rẹ̀ ń bá lọ? Èyí tí "rẹ̀" bá ń tọ́ka sí ló yẹ kó sún mọ́ ọn. Bí o bá ṣe gbogbo èyí tí wọ́n ṣì dọ́gba, ẹni tó ṣe ìbéèrè ni kò ṣe é dáadáa. Mú ọ̀kan, kó o máa lọ sí ìbéèrè mìíràn.

Ẹ fún wa ní ọ̀kan ká fi dánra wò nílé.

A. Ìyẹn ló mú kí àwọn kan máa jókòó sinmi lójú ọ̀nà.

B. Òkè Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́.

D. Bí wọ́n bá sì gòkè tán, wọ́n á rí ààfin àtijọ́ Ọwá.

E. Ẹni tó bá fẹ́ dé orí rẹ̀ yóò gun àtẹ̀gùn 667.

Ẹ bo ìsàlẹ̀ yìí mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tò ó.

B, E, A, D. "Rẹ̀" inú E ń wá òkè, B ló ní in. "Ìyẹn" inú A ń wá ohun tó lè rẹ èèyàn, àtẹ̀gùn 667 sì ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni D, tí wọ́n máa ń fi tẹ̀ lé E tààrà torí gígun ń bá gígun lọ. Ẹ wo "wọ́n". Ẹnì kan ni "ẹni tó bá fẹ́" inú E, kò sì sí ọ̀wọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni D ń bá lọ, "bí ó bá sì gòkè tán" ni a óò rí. "Àwọn kan" inú A ni "wọ́n" ń tọ́ka sí.